Ọ̀gá Mi Kò Fẹ́ Fi Kún Owó Oṣù Mi, Èmi Náà Sì Ni Ọ̀gá Ọ̀hún

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi kí ẹ tó dá a. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ mi ló wà lára pátákó òkè ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, èmi náà ni mò ń tì í lálẹ́, èmi sì ni mò ń bá eku jìjàdù nídìí àpò ìrẹsì. Síbẹ̀, bí òǹgbẹ bá gbẹ mí lọ́sàn-án, tí mo mú ìgò mínírà kan nínú fíríìjì tí mo fi owó ara mi rà, Ràṣídà, ọmọ tó ń bá mi tajà, á yọ bíírò, á fi gbogbo ẹ̀yẹ kúnlẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, ṣé kí n kọ ọ́ sójú ìwé tilé?" Ọmọ tí mò ń san owó oṣù fún!

Ìyàwó mi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni Ìyá Bọ́lá wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ń bi èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́ pé "rìsíìtì dà?" kì í bọ́ ìbéèrè náà sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ló kéde pé ọjà póròfíṣọ̀n tí mò ń tà ní Mọ́níyà níbí, n'Ìbàdàn, ọ̀tọ̀ ni, ilé tí à ń gbé náà ọ̀tọ̀ ni, àti pé láti oṣù náà lọ, ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa san owó oṣù fún mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rò pé wọ́n ń gbé mi ga ni.

Mo ti ní iye tí mo fẹ́ gbà lọ́kàn: 250,000 náírà. N kò ṣàdédé sọ ọ́. Nínú oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí mo ti san gbogbo ohun tó yẹ kí ṣọ́ọ̀bù san, 310,000 náírà ló ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọkùnrin tó lè pa 310,000, kí ló burú níbẹ̀ bó bá gba 250,000, tó sì fi ìyókù tọrẹ fún iṣẹ́ rẹ̀? Ìyá Bọ́lá kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Ẹ gbé ìwé wá, Bàbá Bọ́lá." Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí n sọ iye tí mò ń tà nínú oṣù tí kò dára púpọ̀ tí kò sì burú. Mo ní nǹkan bíi 2,400,000 náírà. Mo sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà, nítorí pé iye yìí gan-an ni àwọn ẹbí mi máa ń gbọ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Alhaji tí n kò tíì dé Mẹ́kà. Ó ní èyí tó jẹ́ èrè nínú rẹ̀ ńkọ́? Nínú póròfíṣọ̀n, èrè kò tó nǹkan. Bí a bá da èyí tó ń mówó wọlé pọ̀ mọ́ èyí tí kò mú nǹkan wá, nǹkan bíi náírà 12 ni mò ń rí lórí 100 náírà tí mo bá tà. Èyí jẹ́ 288,000. Ó wá ń yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan níṣojú mi: owó ṣọ́ọ̀bù, 25,000 lóṣù, Ràṣídà, 45,000, iná àti epo jẹnẹrétọ̀, 35,000, ọkọ̀ àti àwọn alábàárù, 28,000, ohun tí eku jẹ àti ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, 10,000, owó ọjà àti ọ̀rá, 5,000. Ó pé 148,000. Ohun tó kù jẹ́ 140,000 náírà. Gbogbo ariwo tí à ń pa lórí mílíọ̀nù méjì ó lé, ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kò burú, kí wọ́n máa san 140,000 yẹn fún mi, ẹ̀mí mi kò tóbi. Ó ní rárá. Ó ṣí ìwé sí oṣù Kìíní, oṣù tí gbogbo ènìyàn ti ná owó tán lọ́dún, tí owó ilé-ìwé sì tún wà nílẹ̀. Oṣù náà, 70,000 péré ni ṣọ́ọ̀bù rí lẹ́yìn ìnáwó. "Bí ẹ bá gba 250,000 nínú oṣù tó rí 70,000," ó ní, "níbo ni 180,000 yòókù á ti wá? Orí ṣẹ́ẹ̀fù ni. Ẹ ó jẹ mílíìkì yín, ẹ ó jẹ ṣúgà yín, ẹ ó sì máa rò pé owó oṣù lẹ̀ ń jẹ." Ó ní ẹni tó bá fẹ́ sanwó oṣù tí kò ní yẹ̀, oṣù tó burú jù ni kó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe oṣù Kejìlá. Gbogbo èrè ọdún náà lápapọ̀ jẹ́ 1,680,000 náírà. Ó fi 100,000 lóṣù sílẹ̀ fún mi, ìyẹn 1,200,000 lọ́dún. Àwọn oṣù tó bá ju 100,000 lọ, àjùlọ rẹ̀ á wọ àpò kan tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Oṣù tó bá kéré, inú àpò náà la ó ti mú un kún. Bí oṣù Kìíní bá tún mú 70,000 wá, 30,000 nínú owó oṣù Kejìlá ni yóò bá mi dí i.

Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi 480,000 yòókù ṣe, nígbà tí ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ wà láàyè tó sì ń gbé bùrẹ́dì mì láìsí bọ́tà. Èyí ni mo kórìíra jù nínú ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé n kò rí èsì fọ̀. Ó ní kí a mú páálí ìndómì kan. Ká ní mo rà á ní 8,000, mo tà á ní 8,800. Mo rí èrè 800 náírà, inú mi dùn. Mo padà sí Ògùnpa lọ ra òmíràn, wọ́n ní ó ti di 8,600. Ìyẹn ni pé nínú 800 tí mo pè ní èrè, 600 ti lọ sínú kí páálí kan ṣoṣo lè padà sí àyè rẹ̀. Náírà 200 ni mo jẹ lóòótọ́. Bí mo bá sì ti kó 800 náà sápò, páálí tí mo máa rà nígbà kejì kò ní pé odidi. Ẹ rántí oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló tà dáadáa lọ́dún náà, tí ṣẹ́ẹ̀fù wọn sì ń ṣófo sí i. Àwọn èèyàn ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ìyá Bọ́lá ní ojú owó ni wọ́n ń jẹ.

Ó dáa, mo gbà. Oṣù pé. Mo wọ aṣọ tó mọ́, nítorí pé n kò gba owó oṣù rí láyé mi. Ọjọ́ 28 ni a fi sí, bó bá ọjọ́ Àìkú, ó bá a. Alẹ́ẹ̀tì wọlé láti àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù sí tèmi. Ẹ wò ó, 76,400 náírà!

Mo ké sí agbanisíṣẹ́ mi. Ó ṣí ìwé ilé. Ìwé yìí, ẹ̀yin tèmi, ìwé ikú ni. Gbogbo ìndómì tí Bọ́lá àti àwọn àbúrò rẹ̀ sè lálẹ́, gbogbo mílíìkì tí wọ́n lá, ọṣẹ, tìṣù, sàdíìnì tí mo fi gba àlejò, gbogbo rẹ̀ ni Ràṣídà kọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ó jẹ́ 23,600 náírà. Wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Mo ní ṣé a ń ta ọjà fún ara wa ni? Ó ní rárá, kò fi èrè lé e, iye tí wọ́n ń ta á fún mi ní Ògùnpa ló kọ. Mo ní ó dáa, mo ra ìndómì yẹn ní 8,000. Ó ní iye tí mo máa fi ra òmíràn lónìí ló kọ, nítorí pé nǹkan tí a mú kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀fù, òmíràn ló gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò nínú 76,400, kí ẹ wo bí ọ̀gá pátápátá ṣe rí ní Mọ́níyà.

N kò lè sẹ́ pé ìwé náà la ojú mi sí nǹkan kan. Nígbà tí a kò tíì máa kọ ọ́, Ìyá Bọ́lá ní 23,600 náà kò sí níbì kankan nínú ìṣirò; ó kàn ń jẹ́ kí ọjà dín ju owó tó wọlé lọ, àwa á sì máa wo ojú Ràṣídà bí ẹni wo olè. Ọmọ ọlọ́mọ! Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi ń fi tayọ̀tayọ̀ kọ ọ́.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ àjọ. Alájọ ń wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́, 2,000 náírà ni mò ń dá fún un, inú dúrọ́wà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń mú un. Bó bá di ìparí oṣù, á yọ owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún mi. Mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé owó ọjà ni mò ń fi pamọ́. Ìyá Bọ́lá béèrè ohun tí mo fi èyí tí mo kó kẹ́yìn ṣe. Aṣọ ẹbí ni, àti táyà máṣíìnì, àti owó ilé-ìwé díẹ̀. Ó ní ta ló ń fi aṣọ ẹbí sórí ṣẹ́ẹ̀fù? Ó fa káàdì àjọ mi ya lójú mi, ó sì ní kí alájọ kọ méjì. Káàdì kan jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, 1,000 náírà lójúmọ́. Bí a bá dá a fún ọgbọ̀n ọjọ́, tí alájọ sì mú 1,000 tirẹ̀, 29,000 ló kù. Owó ṣọ́ọ̀bù tí onílé ń gbà ní ọdọọdún, 300,000, ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀, díẹ̀ sì ń ṣẹ́kù bí onílé bá tún fẹ́ fowó kún un. Káàdì kejì jẹ́ tilé, inú owó oṣù mi ni n ó ti máa dá a. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kan ṣoṣo ṣe ń dá àjọ méjì lọ́dọ̀ alájọ kan. Ọkùnrin náà ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ yí.

Àwọn ẹbí ló wá bà mí nínú jẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀gbọ́n mi kan bá wọlé, tó jókòó sórí páálí, tó ní "àbúrò, ọ̀nà ti dí pa," ọwọ́ mi á ti wà nínú dúrọ́wà kó tó sọ iye. Nísinsìnyí, dúrọ́wà ní ìlànà. Ṣéńjì 5,000 ló máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀. Bó bá di alẹ́, a ó kà á, ohun tó lé ni yóò wọ báńkì lọ́jọ́ kejì, ohun tó bá sì jáde láìwọlé, orúkọ ẹni tó mú un gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé òṣìṣẹ́ lásán ni mí níbí, pé n kò tíì gbowó. Ó wo pátákó. Ó ka orúkọ mi jáde, ó tún un kà. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ!" Ó dìde, ó sì ti sọ ọ́ kálẹ̀ dé Ìsẹ́yìn.

Ti àkáǹtì náà ò rọrùn. Mo fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, mo sì ṣí àkáǹtì tí ó ń jẹ́ orúkọ náà. A lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ara kántà, ó tóbi débi pé afọ́jú lè fọwọ́ kà á. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi àtijọ́ ti fi nọ́ńbà tèmi pamọ́ sínú fóònù wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń fowó ránṣẹ́ sí. Bí owó ìrẹsì bá wọ àkáǹtì mi lọ́sàn-án, mo gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ti ṣọ́ọ̀bù kó tó di alẹ́, odindi rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín kọ́bọ̀, nítorí bí mo bá fi í sílẹ̀ sùn, ó ti di owó gáàsì nìyẹn. Báńkì á sì yọ owó tirẹ̀ kí n tó fi owó mi ránṣẹ́ sí mi.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń bí mi nínú, ni pé ìjọba kò gbà pé èèyàn méjì ni èmi àti ṣọ́ọ̀bù. Lójú òfin, fífi orúkọ òwò sílẹ̀ kò sọ ọ́ di ènìyàn ọ̀tọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ gbèsè, èmi ni mo jẹ ẹ́, wọ́n sì lè tẹ̀lé mi délé. Owó orí náà, wọn kì í yọ owó oṣù mi kúrò gẹ́gẹ́ bí ìnáwó bí wọ́n ti ń yọ ti Ràṣídà. Gbogbo èrè ọdún, 1,680,000, ni wọ́n máa wò pé mo rí, yálà mo gbà á tàbí mo fi í sílẹ̀ sínú ọjà. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, wọn kì í gba nǹkan lórí 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. 880,000 tó kù, 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kí a tó sọ̀rọ̀ àwọn ìdẹ̀rùn bíi ti owó ilé gbígbé. Ó jẹ́ 132,000, ìyẹn 11,000 lóṣù. Ẹ ti mọ ibi tí apá kan nínú 480,000 mi gbà lọ báyìí. Lójú òfin ẹnì kan ni mí. Nínú ìwé Ìyá Bọ́lá a jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ló sì ń fìyà jẹ mí.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ètò náà ń ṣiṣẹ́? Èmi ní kí a máa wo bí oníbàárà ṣe ń pọ̀. Ó ní oníbàárà lè pọ̀ kí ọjà sì máa kú. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí mo bá ti gbowó, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó ka gbogbo ohun tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù ní iye tí wọ́n ń tà á fún wa. A ó fi owó tó wà nílẹ̀ àti ní báńkì kún un, a ó fi àwìn tí àwọn èèyàn jẹ wá kún un, kí a tó yọ gbèsè tí a jẹ ní Ògùnpa. Oṣù kan, a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà 1,500,000, owó 120,000 àti àwìn 60,000, a sì jẹ gbèsè 200,000. Ohun tó kù jẹ́ 1,480,000. Nígbà tí oṣù parí, ọjà di 1,430,000. Mo gbá orí mú. Ṣùgbọ́n owó jẹ́ 150,000, àwìn 90,000, gbèsè ti wálẹ̀ sí 180,000: ó jẹ́ 1,490,000. Ó fi 10,000 lé. Èmi sì ti gba 100,000 tèmi, nínú owó àti nínú ìndómì. Èrè oṣù náà jẹ́ 110,000, ìwé dúrọ́wà sì sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ká ní ìwé sọ 110,000 tí ohun tó kù sì dín dípò kó lé, à bá ti mọ̀ pé ẹnì kan ń mú nǹkan láìkọ ọ́. Ó wò mí nígbà tó sọ "ẹnì kan." Mo ní àwìn ló yẹ kó wò, àwìn tó fi 30,000 lé láàárín oṣù kan, nítorí pé ẹni tó jẹ àwìn lè kó lọ sí Èkìtì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó sì ní kí n lọ gbà á wá. Iṣẹ́ tún dé.

Mo ti tọrọ àfikún. Mo kọ lẹ́tà, mo bu ọwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, mo sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ìdáhùn ọ̀gá ni pé bí àpò ìfipamọ́ bá ti gbé owó oṣù mẹ́ta, ìyẹn 300,000, tí ọjà sì ń lé, ká wá jókòó sọ ọ́. Ó wà ní 210,000 báyìí. Mo ń fi ojú ṣọ́ ọ.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti máṣíìnì mi. Ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, mẹkáníìkì ní 40,000. Máṣíìnì yìí ló ń gbé ọjà, òun náà ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ni kó sanwó. Ìyá Bọ́lá ní bí a bá pín ìrìn rẹ̀ sí mẹ́wàá, mẹ́fà jẹ́ tilé, nítorí náà 24,000 jẹ́ tèmi, 16,000 jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ta ló ń ka ìrìn? Ẹrù ni kó wọ̀n! Ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta kò tó àpò ìrẹsì kan, àpò ìrẹsì ló sì pa ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì pé kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrẹsì ló fà á. Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó sì fi òróró ẹ̀rọ tẹ̀ka sí i. Mo gbé e dé ilé. Ìyá Bọ́lá kà á dáadáa, ó ní òun á rò ó. Ó wá béèrè iye tí mo fi gun ọ̀kadà lọ àti bọ̀.

Mo ní 600 náírà.

Ó ní tilé ni.